Kíkọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo fọ̀rọ̀ wá oníṣòwò kan lẹ́nu wò fún pọ́díkáàsì mi. Ó ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí ni mo sì máa kọ sábẹ́ ètò fún àwọn olùgbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ parí gígé ohùn náà pátápátá, torin tìpolówó, kí ẹ tó kọ àkókò kankan. Bí ẹ bá ti kọ 12:40 sí ọ̀rọ̀ kan, tí ẹ wá fi ìpolówó ìṣẹ́jú-àáyá 45 síwájú, 13:25 ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Gbogbo àkókò tó kù á yẹ̀ bákan náà.

Ohun tí àlejò sọ gan-an ni kí ẹ kọ. Ẹ má tú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí Yorùbá, torí ẹni tó ń kà á bí ohùn ti ń lọ kò ní rí ibi tó wà mọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti di tiwa, bíi fóònù àti mọ́tò, ẹ fi àkọtọ́ Yorùbá kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì yòókù, ẹ kọ ọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì, ní lẹ́tà tó dagun, èyí tí àmì * dúró fún níbí:

```
[13:25] ÀLEJÒ: Mo ti *apply* fún *loan* yẹn, wọn ò tíì pè mí.
```

Ẹ má tún gírámà Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ṣe. «Ti» tó ṣáájú ti sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá.

Ẹ gbọ́ ohùn náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó kéré tán. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ẹ tẹ̀. Nígbà kejì, ẹ fi àmì ohùn sí i. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ẹ ó máa dúró lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ìgbà kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù lọ lójú tèmi: oníṣòwò tó ní «òwò mi ń lọ» kò sọ pé «owó mi ń lọ». Etí ló ń yanjú èyí. Orúkọ ènìyàn àti ti ìlú, ẹ fi ránṣẹ́ sí àlejò kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Àmì ìsàlẹ̀ ló sábà ń dá wàhálà sílẹ̀. «Ọ» lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ «O» tí a fi àmì kún. Ojú kò mọ ìyàtọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń wá «ọjà» nínú fáìlì lè má rí i. Ẹ tẹ àṣẹ yìí sí tẹ́mínà kọ̀ǹpútà yín, ó ń sọ wọ́n di ọ̀kan:

```
uconv -f utf-8 -t utf-8 -x any-nfc ohun.txt > ohun2.txt
```

Kò ní tún ìlà kékeré tí àwọn kan ń fi rọ́pò àmì ìsàlẹ̀ ṣe o; èyí, ẹ wá a kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín.

Inú ìwé tó ti parí yìí ni kí ẹ ti fa ọ̀rọ̀ abẹ́ ètò yọ: gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta lórí àlejò àti ohun tó sọ, lẹ́yìn náà àkókò bíi márùn-ún sí méje, kálukú pẹ̀lú àkòrí rẹ̀. Lórí YouTube, 00:00 ni kí ó bẹ̀rẹ̀, kó má sì dín ní mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní pín fídíò náà sí orí. Ẹ jẹ́ kí àkòrí kọ̀ọ̀kan sọ nǹkan pàtó. «Ọ̀rọ̀ owó» kò tó. «Ìdí tó fi lọ yá owó lọ́dọ̀ àwọn alájọ» ni olùgbọ́ á tẹ̀.