Mo kó dátábéèsì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rí

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́: mo ní dátábéèsì kékeré kan, àwòrán ọjà tó tó 80,000, àti fódà kan tí sáfà méjì jọ ń lò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ló dínwó jù. Ṣé mi ò lè kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀?"

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni àyè ìpamọ́ fáìlì tí a ń yá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kó àwòrán síbẹ̀. Ẹ má kó dátábéèsì síbẹ̀ o. Èmi dán an wò rí, aláṣọ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ló jìyà rẹ̀.

Sáfà méjì la ní nígbà náà. Mo fi s3fs so bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn kó lè dà bíi fódà lásán, mo sì gbé dátábéèsì SQLite wa, fáìlì kan ṣoṣo tó tó nǹkan bíi 600 MB, sínú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Ó kàn ń falẹ̀ ni: ẹni tó ń tajà á tẹ bọ́tìnì tán, á wá máa wo ojú oníbàárà. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin méjì mú rìsíìtì wá, nọ́ńbà kan náà ló wà lórí méjèèjì, aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rà. A wo inú dátábéèsì, ti ẹnì kan ṣoṣo la bá.

Ohun tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, odindi ni wọ́n ń gbé e wọlé, odindi ni wọ́n sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ ò lè ṣí i kí ẹ tún ìlà kan kọ láàárín. SQLite ní tirẹ̀, ojú ewé ojú ewé ló ń kọ, 4,096 báìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjà kan tí a tà kò ju ojú ewé bíi mélòó kan lọ. Kí s3fs tó lè fi ìwọ̀nba yẹn pamọ́, àfi kó tún fáìlì náà tò lọ́hùn-ún. Ó máa ń dọ́gbọ́n sí i, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ da apá tí kò yí padà kọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ mẹ́gábáìtì ló ń lọ nítorí ọjà kan. Ìfàlẹ̀ wa nìyẹn. Ti rìsíìtì ló burú jù: s3fs orí sáfà kìíní kò mọ̀ pé ìkejì wà láyé. Àgádágodo tí SQLite fi ti fáìlì, orí sáfà kan ṣoṣo ló ti ń ṣiṣẹ́. Sáfà kọ̀ọ̀kan ń lo ẹ̀dà tirẹ̀, àwọn méjèèjì mú nọ́ńbà tó kàn, èyí tó gbé tirẹ̀ padà kẹ́yìn sì bo tèkejì mọ́lẹ̀.

Ẹ fi èyí wo ibi tí tiyín jókòó sí, kí ẹ fi ọ̀nà fódà tiyín rọ́pò `/srv/oja/data`:

```
findmnt -T /srv/oja/data -o SOURCE,FSTYPE
```

Bó bá jẹ́ `fuse.s3fs` lẹ rí, ẹ tètè kó o kúrò. `ext4` tàbí `xfs`, ètò tí sáfà fi ń to fáìlì, lórí dísìkì alábúlọ́ọ̀kù, ìyẹn dísìkì tí olùta ń so mọ́ sáfà, ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Dísìkì yẹn ló ń jẹ́ kí dátábéèsì yí ìdì kékeré padà níbi tó wà gan-an. Gbogbo ìwọ̀n tí ẹ bá béèrè lẹ máa sanwó rẹ̀, ẹ lò ó o, ẹ ò lò ó o. Ẹ má sì so dísìkì ext4 kan mọ́ sáfà méjì, kódà bí olùta bá gbà yín láyè: kálukú á rò pé òun nìkan ló ń pín àyè tó ṣófo, wọ́n á sì kọ̀wé lé ara wọn lórí. Èmi fi dátábéèsì PostgreSQL rọ́pò SQLite, mo gbé e sórí dísìkì kan, lára sáfà kan, àwọn tó kù ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá a sọ̀rọ̀.

Ní ti fódà tí sáfà méjì jọ ń lò, bí ètò yín kò bá mọ̀ ju ọ̀nà fáìlì lọ, NFS ni ẹ lò, ètò tí sáfà púpọ̀ fi ń lo fódà kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òun mọ̀ pé àwọn sáfà tó ń lò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì kéékèèké máa ń fún un lọ́rùn, torí orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń gbà. Bí àlọ àti àbọ̀ bá gba mílísẹ́kọ́ǹdù 2, fáìlì 30,000 á gba ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó ka ohunkóhun nínú wọn. Ẹ má tìtorí pé ó mọ àgádágodo kó SQLite síbẹ̀ o. Àwọn tó ṣe SQLite fúnra wọn kìlọ̀ pé àgádágodo NFS kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Àwòrán yín, bọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an ni ilé rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbé e wọlé, ìgbà àìlóǹkà ni wọ́n ń wò ó. Kí ẹ fara balẹ̀ yan orúkọ wọn ṣáá. `aso/ankara/17.jpg` jọ fódà lójú, àmọ́ orúkọ gígùn kan ṣoṣo ni. Mo fẹ́ yí `aso/` sí `oja/` nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti dà kọ sí orúkọ tuntun kí wọ́n tó pa ti àtijọ́ rẹ́. Mo sùn, mo jí, kò tíì parí.

Dátábéèsì náà sì padà débẹ̀: alaalẹ́ ni `pg_dump` ń da gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan, tí mo ń gbé lọ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, orúkọ tuntun lálẹ́ kọ̀ọ̀kan.