Bí a ṣe ń fi ikùn mí nígbà tí àyà bá fún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Tí ọkàn mi ò bá ti balẹ̀, àyà mi á fún pinpin, á wá dà bíi pé èémí ò wọlé tó. Wọ́n ti yẹ̀ mí wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró mi ò ní àrùn kankan. Wọ́n ní kí n máa rọra fi ikùn mí, ṣùgbọ́n bí mo bá mí kanlẹ̀, òyì ló ń kọ́ mi. Báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èémí tí ẹ ń fà ti pọ̀ jù ló fa òyì yẹn. Bí àníyàn bá dé, òkè àyà ni èèyàn máa fi ń mí léraléra. Iṣan ọrùn àti èjìká á wá máa gbé egungun ìhà sókè láìsinmi, ó á rẹ̀ wọ́n, wọ́n á sì le, àyà á fún. Mímí jù yìí tún máa ń lé kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Òyì á kọ́ni, ọmọ ìka á máa ṣe bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un, ẹni náà á sì rò pé èémí ò tó òun, á tún fà sí i.

Nítorí náà, mímí síta ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, kí ẹ sì kọ́ ọ nígbà tí ara bá tù yín. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé àyà, ẹ gbé ìkejì sókè ìdodo díẹ̀. Ẹ ṣu ẹnu, kí ẹ rọra fẹ́ èémí síta títí ẹ ó fi ka 4, bí ẹni ń fẹ́ iná àbẹ́là tí kò fẹ́ kó kú. Bó bá tán, ẹ má fa òmíràn wọlé tipátipá. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ jẹ́ kó gba imú wọlé fúnra rẹ̀ títí ẹ ó fi ka 3. Iṣan pẹrẹsẹ tó wà láàrin àyà àti ikùn á sọ̀ kalẹ̀, á ti ìfun síwájú, ọwọ́ tó wà lórí ikùn á sì gbéra. Èyí tó wà láyà kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ mira. Ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀ àti 5 lálẹ́ tó. Nígbà tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ lè máa ka 4 bó bá ń wọlé, kí ẹ ka 6 bó bá ń jáde. Bí òǹkà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn jẹ́ èémí 6 ní ìṣẹ́jú kan. Èmi ò fẹ́ kí olùbẹ̀rẹ̀ máa di èémí mú rárá, torí ó máa ń jẹ́ kó fà gan-an lẹ́yìn náà.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kéèyàn máa ti ikùn síta nígbà tí èémí ò tíì wọlé. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ikùn á le lábẹ́ ọwọ́ yín, dípò kó rọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ da ojú bolẹ̀, kí ẹ gbé iwájú orí lé ọwọ́ méjèèjì. Bí ẹ bá ń mí báyìí, ẹ ó gbọ́ bí ikùn ṣe ń ti ilẹ̀, ẹ ò sì ní nílò láti fi agbára ṣe é.

Obìnrin kan tí mo tọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti orí 4 àti 6 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó tó mí bíi mélòó kan, èémí ti ń wù ú, ó wá fa ńlá kan láti òkè àyà, òyì sì kọ́ ọ. Mo ní kó bọ́ sí 2 bó bá ń wọlé àti 3 bó bá ń jáde, kó sì fa èémí díẹ̀, kó má jẹ́ kó kún inú. Òyì náà lọ, ọrùn rẹ̀ sì rọ̀. Ìgbà tí kò pọn dandan fún un mọ́ láti fa èémí ńlá ló tó fi kún òǹkà rẹ̀. Bí òyì bá kọ́ ẹ̀yin náà, ẹ dín bí èémí ṣe pọ̀ tó kù ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan òǹkà.

Bí àyà bá wá fún yín lójijì, kò pọn dandan kí ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé itan kí èjìká lè sinmi. Ẹ la ojú yín sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mí síta, lẹ́yìn náà kí ẹ bọ́ sí 2 àti 3. Iṣan tó ti le kì í rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí èémí ti balẹ̀. Ẹ má ṣe máa yẹ àyà wò lẹ́yìn èémí kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín nígbà tí ẹ bá ń rìn tàbí gun àkàsọ̀, tí ìrora náà ń lọ sí apá, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, tí òógùn tútù ń bò yín, tàbí tí ẹ dákú, ẹ má dúró ka òǹkà kankan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti yẹ̀ yín wò tẹ́lẹ̀.