Kí ni “Kính thưa quý vị” tí ààrẹ ẹgbẹ́ wọn ń tún pè?

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi ará Fiẹtnámù mú mi lọ síbi Tết, ọdún tuntun wọn, ní Kalifọ́níà. Ààrẹ ẹgbẹ́ wọn dìde láti kí àlejò, àmọ́ ‘Kính thưa quý vị’ ló ń pè léraléra kó tó sọ̀rọ̀ gan-an. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

Kính ni ọ̀wọ̀. Thưa ni ọ̀rọ̀ tí ọmọdé fi ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ bá àgbà sọ: ọmọ tó ń lọ sílé ìwé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní “Thưa mẹ, con đi học”, ìyẹn ni pé, ìyá mi, èmi ọmọ yín ń lọ sílé ìwé. Quý vị wá dà bí “ẹ̀yin ẹni iyì”.

Àwa Yorùbá ní “ẹ”, tó bo àgbà kan àti èrò púpọ̀. Àwọn ò ní irú ẹ̀. Bàbá àgbà ni ẹ ó pè é ni, tàbí àbúrò bàbá, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí àbúrò. Ọjọ́ orí ló ń sọ èyí tí ẹ ó lò. Ẹni tó dúró níwájú gbọ̀ngàn tó kún fún tọmọdé tàgbà ò lè ka gbogbo ìyẹn tán, quý vị ló ń gbà á sílẹ̀.

Ohun tó ń mú kó pẹ́ ni pé ó ń tò wọ́n ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́: quan khách, àwọn àlejò pàtàkì; lãnh đạo tinh thần, àwọn àlùfáà àti olórí ẹ̀sìn; bậc trưởng thượng, àwọn àgbàlagbà; lẹ́yìn náà ló kan đồng hương. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Hương jẹ mọ́ abúlé tí wọ́n ti bíni. Nílé, ẹni tí ẹ jọ ti agbègbè kan wá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lókè òkun, pàápàá láàárín àwọn tó sá kúrò nílùú lẹ́yìn tí Saigon, olú ìlú Gúúsù Fiẹtnámù, ṣubú lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin, 1975, gbogbo ọmọ Fiẹtnámù ti di ará abúlé kan.

Tí ẹ bá tún lọ, ẹ fetí sí “àwa” tó bá lò. Méjì ni wọ́n ní: chúng tôi yọ olùgbọ́ sílẹ̀, chúng ta kó o mọ́ra. Nígbà tó bá ń kí yín káàbọ̀, chúng tôi ló gbọ́dọ̀ lò: “Chúng tôi xin chào mừng quý vị”. Bó bá fi chúng ta sí i, á jọ pé àlejò fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń kí àlejò káàbọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun máa ń ṣe àṣìṣe yìí, àwọn àgbà á sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó bá ń gbàdúrà ọdún tuntun fún gbogbo ilé ló máa ń bọ́ sí chúng ta, ibẹ̀ ni ẹ̀yin náà ti wọlé, bí ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ đồng hương.