Obìnrin kan ló fa míìnì mi sókè

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Súpáfáísọ̀ mi dá Orí Kẹrin pírójẹ́ẹ̀tì mi padà. Ó ní míìnì kọ́ ló yẹ kí n lò fún àsìkò tí àwọn aláboyún fi ń dúró. Ó ní p tó ju 0.05 lọ kò túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀ bí mo ṣe kọ ọ́. Ó tún ní sáńpù mi kì í ṣe ráńdọ́ọ̀mù. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá tèmi padà nígbà tí mo ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì ní Àkúrẹ́, àwọn nǹkan yìí náà ló sì fà á. Iye ìṣẹ́jú tí aláboyún ń lò láti ìgbà tó bá ti fi orúkọ sílẹ̀ títí tí wọ́n fi pè é wọlé ni mo ń wò.

Mo kọ́kọ́ fi obìnrin mẹ́sàn-án dán an wò. Ìṣẹ́jú wọn nìyí: 20, 25, 30, 30, 35, 40, 45, 60, 255. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 540. Mo pín in sí mẹ́sàn-án, ó di 60, òun ni míìnì, mo sì fi gbogbo ẹnu kọ ọ́ pé wákàtí kan gbáko ni aláboyún fi ń dúró. Súpáfáísọ̀ mi wo ìwé náà, ó bi mí pé, "Mélòó nínú wọn ló dúró tó wákàtí kan?" Mo kà á. Méjì péré ni. Àwọn méje yòókù ò tilẹ̀ dé ibẹ̀.

Káàdì obìnrin tó lo 255 ló sọnù, wọ́n wá a títí ọ̀sán fi pọ́n. Òun nìkan ló fa míìnì gbogbo wọn sókè, torí ohun tí míìnì ń ṣe ni pé ó ń da ti ẹni tó pẹ́ àti ti ẹni tí kò pẹ́ sínú igbá kan, kó tó wá pín in dọ́gba. Mídíánì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wàá to nọ́ńbà láti orí èyí tó kéré jù lọ dé orí èyí tó pọ̀ jù lọ, wàá mú ẹni tó wà láàárín gan-an. Nínú mẹ́sàn-án, ẹni karùn-ún ni, ìyẹn 35. Bí obìnrin yẹn bá lo 100 tàbí 500, 35 náà ni yóò jẹ́. Tó bá jẹ́ pé mẹ́jọ ni wọ́n, méjì tó wà láàárín ni wàá rò pọ̀, kí o pín in sí méjì.

Nígbà tí míìnì bá ti fi mídíánì sílẹ̀ jìnnà báyìí, mọ̀ pé ìwọ̀nba èèyàn ló wà lápá kan tó ń fà á. Kọ mídíánì, kí o sì fi èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù tì í. Má sì yọ ẹni 255 dànù o! Mo fẹ́ yọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí iṣẹ́ mi lè dán. Àfi tó bá jẹ́ pé o ṣi nọ́ńbà kọ, ìyà tó jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Míìnì náà ní ọjọ́ tirẹ̀: tí wọ́n bá ní kí o ṣírò àpapọ̀ wákàtí tí gbogbo wọn lò, òun ni wàá fi ṣe é.

Ti p ló pẹ́ jù kó tó yé mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá tí a bá pe àwọn ìyá lórí fóònù, wọn yóò padà wá fún àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ. Mo pe mẹ́wàá, méje wá. Mẹ́wàá mìíràn tí n ò pè, mẹ́rin wá. SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ṣe ìṣirò, ní p jẹ́ 0.370, mo sì kọ ọ́ pé fóònù kò ṣe nǹkan kan. (Níbi tí mo tilẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣìnà ni pé .178 tó wà níwájú Pearson Chi-Square ni mo kọ sílẹ̀. Bí èèyàn ò bá pọ̀ tó, SPSS yóò kọ ọ́ sísàlẹ̀ tábìlì pé àwọn ibìkan wà tí iye tó ń retí kò tó 5. Tí o bá ti rí i, ìlà Fisher's Exact Test ni kí o kà, lábẹ́ Exact Sig. (2-sided).)

Ẹ̀gbọ́n kan ní wọ́ọ̀dù wa ló fi àgbàdo là mí lójú. Ó ní kí n ka hóró funfun 11 fún àwọn tó wá, hóró pupa 9 fún àwọn tí kò wá, kí n dà wọ́n pọ̀ sínú abọ́, kí n dijú, kí n ṣa mẹ́wàá sọ́tùn-ún, kí mẹ́wàá tó kù wà lósì. Fóònù kankan ò sí nínú eléyìí, bó ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ lásán ni. Ó wá ní, "Ìgbà mélòó ni funfun apá kan yóò fi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti apá kejì?" Mo ṣe é nígbà ogún, ó ṣẹlẹ̀ nígbà mẹ́jọ. Tí mo bá ń ṣe é lọ láìdúró, yóò máa sún mọ́ ìgbà 37 nínú 100. Òun ni 0.37 tí SPSS ń sọ.

Tóò, ohun tí p sọ fún mi ni pé ká ní fóònù ò ṣe nǹkan kan rárá, irú ìyàtọ̀ tí mo rí yìí, tàbí èyí tó jù ú lọ, ṣì lè ṣèèṣì wáyé nígbà 37 nínú 100. Kò sọ pé fóònù kò wúlò. Kò sì sọ pé àǹfààní 37 nínú 100 ló wà pé fóònù kò wúlò. Ká ní ọgọ́rùn-ún ni mo pè tí 70 wá, tí 40 sì wá nínú ọgọ́rùn-ún tí n ò pè, méje nínú mẹ́wàá àti mẹ́rin nínú mẹ́wàá náà ṣì ni, ṣùgbọ́n p yóò wálẹ̀ kọjá 0.001. Èèyàn mi ló kéré. Ohun tí mo padà kọ ni pé méje nínú mẹ́wàá wá lápá kan, mẹ́rin nínú mẹ́wàá lápá kejì, àti pé iye wọn kò tó láti fi mọ̀ bóyá fóònù ló fà á tàbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ (p = 0.370).

Àwọn méjì yìí, alẹ́ ọjọ́ kan ni wàá fi tún wọn kọ lórí tábìlì rẹ. Sáńpù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí o kò bi léèrè, kò sí bí o ṣe lè fi ìṣirò mú un wá.

Èmi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kílíníìkì láti agogo méje, mo ń mú ẹni tí mo bá rí. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, mo ti rí 60, mo sì ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé. Mo wá kọ ọ́ sínú Orí Kẹta pé ráńdọ́ọ̀mù ni, nítorí n kò mọ ìkankan nínú wọn rí. Àìmọni kọ́ ni ráńdọ́ọ̀mù o. Ráńdọ́ọ̀mù ni pé kí gbogbo orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Àwọn tó ń tètè dé ni àwọn tí ilé wọn wà nítòsí, bí Òkè-Àrò. Àwọn tó ń wọkọ̀ bọ̀ láti Ìdànrè àti Ìta-Ògbólú máa ń dé nígbà tí mo ti lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń bá èrò nílẹ̀. Àsìkò ìdúró àwọn alárùúùrọ̀ nìkan ni mo wọ̀n.

Nígbà tí mo padà lọ, rẹ́jísítà fi hàn pé nǹkan bí aláboyún 240 ló ń wá láàárín oṣù kan. 60 ni mo nílò, 240 pín sí 60 jẹ́ 4. Mo kọ 1 sí 4 sórí bébà, mo ká a, mo ní kí ọmọ àbúrò mi mú ọ̀kan. Ó mú 3. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni kẹta, mo wá ń mú ẹni keje, ìkọkànlá, títí dé 239. Ohun kan wà tí o gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kó tó di pé o lo ọ̀nà yìí: bí wọ́n bá ń kọ aláboyún tuntun kan lẹ́yìn àwọn àtijọ́ mẹ́ta mẹ́ta, fífo mẹ́rin mẹ́rin lè máa gbé ọ bọ́ sórí ẹni tuntun nìkan.

Bí àsìkò ò bá sí láti padà lọ, fi sáńpù rẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pa ráńdọ́ọ̀mù rẹ́ nínú Orí Kẹta. Kọ ọ́ pé àwọn tó rọrùn fún ọ láti rí lo mú, kọ ọjọ́ àti agogo tí o mú wọn, kí o sì sọ irú àwọn tó ṣeé ṣe kó o pàdánù.