"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran": kí ni òwe yìí ń sọ fún ẹni tó ń kọ orin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo kọ orin arò fún ẹ̀gbọ́n mi tó kú. Ẹni tí mo fi hàn ní "ọkàn mi ń jó bí iná" àti "omijé mi ń ṣàn bí odò" ti ṣá, pé gbogbo ayé ló ń kọ ọ́. Ó ní kí n lọ ronú sí òwe pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo wádìí rẹ̀, wọ́n ní ó túmọ̀ sí kéèyàn mọ́kàn le. Báwo ni ìyẹn ṣe kan orin mi?

Ìdáhùn: Ta ló sọ fún ọ pé "mọ́kàn le" ni òwe yẹn túmọ̀ sí? Èmi náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣàlàyé òwe bí ẹni ń pín oògùn: òwe tí ẹkún bá ti wà nínú rẹ̀, ìtùnú ni lójú wọn. Òwe yìí ò ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́. Tún un kà. Ojú tó ń da omi náà ló ń wòran, lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tí ìbànújẹ́ fẹ́ gba làákàyè rẹ̀, kó má baà rìn wọ kòtò nítorí pé ó ń sunkún. Ìlò rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún 20 tí mo ti ń bá àwọn akọrin tún ọ̀rọ̀ orin wọn ṣe, mi ò sì tíì rí ẹ̀kọ́ orin arò tó ju òwe yẹn lọ. Ẹni tó rán ọ lọ síbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Ọmọ ọdún 9 ni mí lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń sunkún débi pé ohùn rẹ̀ ti ha. Mo dúró níwájú rẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo máa wò. Láàárín ẹkún yẹn ló na ọwọ́ sí àyà mi, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ẹ̀wù mi. Mo ti ṣì í dè: ti òkè ti bọ́ sínú ihò kejì, ẹ̀wù náà sì wọ́ sápá kan. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún un dè láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kò dákẹ́ o. Ohùn rẹ̀ kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́tìnnì àárín, tí ihò rẹ̀ fún, ó sì tún gòkè nígbà tí bọ́tìnnì wọlé. Mi ò rántí bí omijé rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bọ́tìnnì àárín yẹn ni mo rántí.

Wá wo ìlà tìrẹ. "Omijé mi ń ṣàn bí odò": a gbọ́ pé ò ń sunkún. Kí ni o rí? Àwọn mìíràn á ní kí o wá ọ̀rọ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á gbé odò kúrò, wọ́n á gbé òkun síbẹ̀; wọ́n á sọ iná di iná ọ̀run. Omi ti pọ̀ sí i, ìran ò pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń lọ gbẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ mọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ tó ṣòro kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun.

Ti iná tiẹ̀ tún burú díẹ̀ sí i, nítorí o kò fetí sí ohun tí o kọ. "Jó" tí iná ń jó àti "jó" tí oníjó ń jó, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Ẹni tó bá gbọ́ "ọkàn mi ń jó" nínú orin, kó tó gbọ́ "bí iná", ọkàn rẹ ti ń jó ijó fún un lójú òkú. Àwọn tó ni èdè yìí kì í dúró sí ooru iná nìkan, wọ́n máa ń wo ohun tí iná ń ṣe. Wọ́n ní bí iná bá kú, á fi eérú bojú. Wò ó! Iná ní ojú, ojú ń tì í, ó sì fi ohun tó kù lára rẹ̀ bò ó. Ọmọ òde òní tó ń kọrin iná lójoojúmọ́ ò wo eérú rí.

Ti ọkàn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. "Ọkàn mi ti fọ́" tí gbogbo yín ń kọ, èdè òkèèrè ni ẹ ti kó o wá. Inú ni tiwa fi ń bàjẹ́, àyà ló sì ń já. "Já" yìí kan náà ni à ń lò fún okùn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ọmọbìnrin kan mú irú ìlà tìrẹ wá fún mi, ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ náà ló kú. Mi ò bi í bó ṣe dùn ún tó. Mo bi í pé kí ni ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe tó ṣì wà nílé. Ó kọ́kọ́ ní fọ́tò. Mo ní rárá, gbogbo òkú ló ní fọ́tò. Ó ronú títí, ó wá ní ọwọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n òun ń lò, kókó tó bá ta máa ń yí sí òdìkejì, ọ̀kan ṣì wà lára okùn ìsáṣọ. Ó ní òun kì í sá aṣọ síbi kókó yẹn. Mo ní kó kọ ohun tó sọ yẹn gan-an:

Kókó tí o fọwọ́ òsì ta
ṣì wà lára okùn aṣọ.
Òjò pa á, oòrùn gbẹ ẹ́,
mo sá aṣọ mi jìnnà sí i.

Kò sí "bí" kankan nínú rẹ̀, kò sí omijé. Ìlà kẹrin ló ń sunkún, nítorí ó sọ ohun tí alààyè ń ṣe sí ohun tí òkú fi sílẹ̀. Ká ní ó dúró sí ìlà kejì, kókó lásán ni ìbá jẹ́. Ó tún fẹ́ fi àga àti bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kún un, mo kọ̀. Nǹkan mẹ́ta nínú ìlà mẹ́rin, olùgbọ́ ò ní mọ èyí tí yóò dì mú. Mo gbà á láyè láti kọ "mo sunkún" lẹ́ẹ̀kan, ní ègbè, láìfi wé ohunkóhun.

Mo tún fi ìlà kọ̀ọ̀kan wò: ṣé ẹlòmíràn lè gbà á kọ fún òkú tirẹ̀ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà? Tìrẹ, ẹni tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀ pàápàá lè gbà á.

Ibi tó ti fún wa níṣòro ni orin fúnra rẹ̀. Ó ti ní ohùn orin tẹ́lẹ̀, ohùn náà sì tẹ́jú níbi tí "okùn" bọ́ sí. Ó kọ ọ́, a gbọ́ "okun", bí ẹni pé agbára ni kókó wà lára rẹ̀. Ó gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ó di "òkun", omi tí a ti lé lọ tún padà dé. Níkẹyìn, ohùn orin la tún ṣe, a mú un sọ̀kalẹ̀ ní ìdajì kejì ọ̀rọ̀ náà. A ò fọwọ́ kan kókó.

Ìwọ náà lọ wo ohun tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ fi sílẹ̀, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́. Jọ̀ọ́, fi àmì ohùn sí i lórí. Èyí tí o fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ò ní ẹyọ kan.