Gbèsè mẹ́rin, ₦70,000 lóṣù: èwo ló yẹ kó ṣáájú?

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Aṣọ ọmọdé ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Mo jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní ₦45,000, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦1 lórí ₦100 lóṣù. Mo jẹ ìyá tí mò ń gba ọjà àwìn lọ́wọ́ wọn ní ₦60,000, ìyẹn kò lélé. Mo jẹ áàpù orí fóònù ní ₦120,000, ₦10 lórí ₦100 lóṣù. Mo tún jẹ báńkì kékeré kan ní ₦150,000, ₦4 lórí ₦100. Owó dandan wọn lóṣù ni ₦5,000, ₦10,000, ₦12,000 àti ₦15,000. ₦70,000 ni mo lè yọ sílẹ̀ lóṣù. Ṣé kí n kọ́kọ́ pa èyí tó kéré jù rẹ́ ni, àbí èyí tí èlé rẹ̀ wọ́n jù?”

Àbúrò mi, ẹ kú ọjà o. Mo ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti owó rẹ, tí mo ṣírò ọ̀nà méjèèjì láti oṣù dé oṣù. Bí mo ṣe ṣe é ni pé èlé oṣù kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ gun orí gbèsè, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á gba owó dandan wọn, ìyókù ₦70,000 á wá lọ sórí ẹyọ kan ṣoṣo. Bí ìyẹn bá ti parí, owó rẹ̀ á bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ká mú èyí tí èlé rẹ̀ wọ́n ṣáájú. Bí àwọn mẹ́ta yòókù bá ti gba tiwọn, ₦40,000 ló kù fún áàpù. ₦120,000 á gbé èlé ₦12,000, á di ₦132,000. O san ₦40,000, ó ku ₦92,000. Lóṣù kejì ó ku ₦61,200, lóṣù kẹta ₦27,320, lóṣù kẹrin ó tán. Báńkì àti àwìn á parí lóṣù kẹfà, owó ẹgbẹ́ ni yóò kẹ́yìn lóṣù keje. Gbogbo owó tó jáde lápò rẹ jẹ́ nǹkan bí ₦435,100, èlé tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ₦60,100.

Bó bá jẹ́ èyí tó kéré jù ló ṣáájú, owó ẹgbẹ́ á tán lóṣù kejì, àwìn á tán lóṣù kẹta. Ọkàn ẹni máa ń fúyẹ́ bí orúkọ méjì bá ti kúrò nínú ìwé, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn: fún oṣù méjì gbáko, ₦120,000 orí fóònù kò dín kọ́bọ̀. ₦12,000 tí ò ń san fún un lóṣù, èlé nìkan ló jẹ ẹ́ tán. Kò ní parí títí di oṣù kẹfà. Báńkì ni yóò kẹ́yìn, lóṣù keje bákan náà, ṣùgbọ́n èyí tó jáde lápò rẹ á ti di ₦458,270, èlé inú rẹ̀ ₦83,270. Oṣù keje kan náà ni ọ̀nà méjèèjì parí, ọ̀kan sì fi lé díẹ̀ ní ₦23,000 wọ́n ju èkejì lọ.

Bó bá jẹ́ pé bí o ṣe kọ ọ́ gan-an ló rí lọ́dọ̀ àwọn olówó náà, fóònù ni n bá ní kó o kọ́kọ́ kojú, ká sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Àmọ́ nǹkan méjì wà tí o gbọ́dọ̀ lọ béèrè, nítorí wọ́n lè da ìṣírò òkè yìí rú.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ báńkì. Èlé wọn lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń kà lórí ohun tó kù, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti kà mọ́ owó láti ọjọ́ tí o gbà á. Lọ́dún tí mo ní irú rẹ̀ lọ́rùn, ₦120,000 ni mo yá fún oṣù mẹ́fà, ₦4 lórí ₦100. ₦4,800 lóṣù, lọ́nà mẹ́fà, ó di ₦28,800. Wọ́n rò ó mọ́ ojú owó, ó di ₦148,800, wọ́n pín in sí ₦24,800 lóṣù. Lẹ́yìn tí mo san ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, mo sì lọ bá ọmọbìnrin tó ń gba owó lọ́wọ́ wa. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá fẹ́ parí ẹ̀ lónìí, eélòó ni?” Ó wo ìwé, ó ní ₦74,400. Mo ṣí káàdì mi wò lójú ẹ̀: ₦24,800 lọ́nà mẹ́ta, ₦74,400 náà ni. Wọn kò ní yọ èlé oṣù mẹ́ta tó kù kúrò. Bí mo san lọ́jọ́ náà, bí mo san lóṣù mẹ́ta, iye kan náà ni. Mo kó owó mi padà, mo fi ra ọjà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Nínú ètò àtisan gbèsè, èlé tí wọ́n pè fún ọ lọ́jọ́ tí o yáwó kọ́ ló ń pinnu ipò rẹ̀. Èlé tó máa dúró bí o bá san án lónìí ló ń pinnu. Bí báńkì rẹ bá dá ọ lóhùn bí wọ́n ṣe dá mi lóhùn, ₦4 wọn ti di òdo lójú ìṣírò, o ò rí èrè kankan nínú kíkánjú san án. Máa san owó dandan wọn lásìkò kí wọ́n má baà bu owó ìtanràn lé e, kí àfikún rẹ máa lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá sì dárúkọ iye tó dín sí gbogbo ohun tó kù nínú káàdì, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ń yọ èlé, ipò kejì tí mo fi wọ́n sí lókè sì tọ́.

Béèrè irú ìbéèrè yẹn lọ́dọ̀ áàpù náà, torí tiwọn tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àwọn kan ń gba díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbà jù ọ̀nà méjì lọ: kó o san gbogbo rẹ̀, tàbí kó o san owó láti sún ọjọ́ síwájú, owó ìsúnjọ́ yìí kì í sì í dín ojú owó kù. Ibi tí wàá ti mọ̀ ni ojú fóònù lẹ́yìn ìsanwó àkọ́kọ́. Bí o bá san ₦40,000, ₦92,000 ló yẹ kó kù. Bó bá ṣì ń kọ ₦120,000 sí ọ lójú, owó rẹ ti bá ìsúnjọ́ lọ. Nítorí náà, fi owó kékeré dán an wò kó o tó da ₦40,000 sínú rẹ̀.

Nǹkan kejì, òun gan-an ló mú kí n kọ ọ̀rọ̀ gígùn báyìí, wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín. Gbèsè tó kéré jù lọ́rùn rẹ ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń yáni lówó ní ₦1 lórí ₦100. Lọ́pọ̀ ẹgbẹ́, ẹni tó bá ti san èyí tó wà nílẹ̀ tán lè yá ìlọ́po méjì owó tó ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Bí ìfipamọ́ rẹ bá tó ₦60,000, o lè yá ₦120,000, iye tí fóònù ń bi ọ́ gan-an nìyẹn.

Mo ṣírò ìyẹn náà. Oṣù méjì àkọ́kọ́, tẹ̀ lé ọ̀nà kékeré ṣáájú: pa owó ẹgbẹ́ rẹ́, san ₦12,000 fún fóònù kí ọjọ́ rẹ̀ má baà kọjá, kí ìyókù tó ṣẹ́ kù lóṣù kejì bọ́ sórí àwìn. Ní ìparí oṣù kejì, yá ₦120,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kó o sì fi parí ti fóònù lọ́jọ́ tí owó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Láti oṣù kẹta, ₦12,000 ni kó o máa san fún ẹgbẹ́, kí àfikún máa lọ sórí báńkì. Báńkì á tán lóṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ á ku ₦5,900 péré lóṣù keje. Àpapọ̀ èlé á jẹ́ nǹkan bí ₦50,900. Ó fi ₦9,200 dín sí ọ̀nà èlé gíga ṣáájú. Bí áàpù náà kò bá sì gba díẹ̀díẹ̀, kò tiẹ̀ sí ọ̀nà tó dára tó èyí.

Ọ̀nà tí èmi fi bọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n ₦9,200 kì í ṣe owó tó lè fara da ìdádúró. Èlé oṣù kan péré lórí fóònù, ₦12,000, ti jù ú lọ. Bí ẹgbẹ́ bá fi oṣù kan dá ọ dúró, èrè náà ti wọmi. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbìmọ̀ kì í jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ, fọ́ọ̀mù sì gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, pẹ̀lú ọwọ́ onídùúró méjì tí àwọn fúnra wọn kò jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè tó pọ̀. Onídùúró ló máa ń fa wàhálà jù. Mo ti rí ẹni tí orúkọ rẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀, tí wọ́n dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà nítorí pé onídùúró kan ṣì ń san tirẹ̀ lọ́wọ́.

Nítorí náà, lọ bá akọ̀wé yín lọ́sẹ̀ yìí kó o tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bi í léèrè iye tó wà nínú ìwé ìfipamọ́ rẹ, bóyá ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí gbèsè lè gba òmíràn lójú ẹsẹ̀ tàbí ó gbọ́dọ̀ dúró, àti ọjọ́ tí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ bọ́ sí. Bó bá ní lẹ́yìn tí o bá san tiwọn tán, ó di oṣù kan tàbí méjì kí wọ́n tó dá ọ lóhùn, gbàgbé ti ẹgbẹ́, da ₦40,000 rẹ kọ fóònù láti oṣù yìí.

Ìyá oníàwìn, má jẹ́ kí ₦10,000 wọn fòru kan kọjá ọjọ́ rẹ̀ nínú gbogbo ètò yìí. Wọn kò gba èlé lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ wọn ni ọjà tí o fi ń rí ₦70,000 náà ti ń wá.

Lọ́jọ́ tí ti fóònù bá parí, ya àwòrán ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé gbèsè rẹ ti di òdo, kó o sì yọ káàdì báńkì rẹ kúrò lórí áàpù náà kó o tó pa á rẹ́. Bí o bá pa áàpù rẹ́ láìyọ káàdì, nọ́ńbà káàdì rẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á tún fi ìwé ránṣẹ́ pé o lè gba ₦200,000 báyìí. Má dá wọn lóhùn: ẹgbẹ́ ló ni ₦12,000 oṣù yẹn.