Èrè orí àǹkárá kan kì í bo àdánù orí òmíràn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá kọ́ńtábù. Àǹkárá ni mò ń tà l'Àjàṣẹ́. Mo ní 200 ìdì tí mo kó wọlé ní 9,000 sẹ́fà, 12,000 ni mo ń tà wọ́n. Mo tún ní 60 ìdì tí wọ́n tẹ "Ọdún 2024" sí lára. 8,000 ni mo kó wọn, 5,000 ni ènìyàn ń san báyìí. Àpapọ̀ owó tí mo fi rà wọ́n jẹ́ 2,280,000, tí mo bá tà wọ́n tán màá rí 2,700,000. Kí ló dé tí ẹni tó ń bá mi ṣe ìwé ní kí n dín iye owó ẹrù kù nínú ìwé nígbà tí èrè ṣì wà?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ ń ro wọ́n pọ̀, ìwé kì í rò wọ́n pọ̀. Ọjà kọ̀ọ̀kan ni a ń mú lọ́tọ̀. A ó wo iye tó fi dé ìsọ̀, owó ọkọ̀ àti owó bodè wà nínú rẹ̀. A ó wo iye tó máa kù sí yín lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tà á, tí ẹ sì ti yọ ìnáwó títà. Èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni a ó kọ.

200 ìdì àkọ́kọ́ dúró sí 9,000, ìyẹn 1,800,000. Ẹ ò tíì ta 12,000 yẹn, èrè rẹ̀ ò tíì jẹ́ tiyín. Ti 60 ìdì yẹn yàtọ̀. Tí ẹ bá ń fún ẹni tó ń bá yín kiri tà á ní 500 lórí ìdì kan, 4,500 ló kù. Àdánù 3,500 ló wà lórí ìdì kọ̀ọ̀kan, 210,000 lápapọ̀, ó sì ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ti kọjá. 270,000 ni a ó kọ fún wọn, àpapọ̀ yóò sì jẹ́ 2,070,000.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé èrè àwọn 200 á bo àdánù yìí. Ohun tí ẹ ń ṣe ni pé ẹ ń fi èrè tí ẹ ò tíì rí pa àdánù tí ẹ ti rí mọ́lẹ̀. Èrè ọdún yìí á wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ pẹ̀lú 210,000. Ẹ ó mú owó náà jẹ, tàbí kí báńkì yá yín lówó lórí rẹ̀. Nígbà tí aṣọ náà bá jáde ní 5,000 lọ́dún tó ń bọ̀, ọdún yẹn ló máa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ má pa 480,000 tí ẹ fi ra 60 ìdì yẹn rẹ́ nínú ìwé o. Ó dúró ní kọ́ńtù 31, níbi tí a ń kọ ọjà sí. Ìdínkù 210,000 ló ń lọ sí kọ́ńtù 39, níbi tí a ń kọ ìdínkù iye ọjà sí, bí ìlànà ìṣirò OHADA ṣe là á sílẹ̀. Bí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ náà, a lè dá ìdínkù náà padà, ṣùgbọ́n iye ìdì kan kò gbọdọ̀ kọjá 8,000.

Ohun tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́ jù ni iye tí ẹni tó ń tà dá lé ọjà. Iye tí oníbàárà san gan-an ni kí ẹ lò. Ẹ kó àwọn rìsíìtì oṣù kìíní jọ, wọ́n á fi hàn bóyá 5,000 yẹn jẹ́ òótọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá tí ìwé ọdún parí. Ní ti owó-orí, ìdáhùn yìí kò kàn án. Òfin rẹ̀ dá dúró, ẹ mú ìwé yín lọ bá ẹni tó ń ṣe é kí ẹ tó yọ ohunkóhun níbẹ̀.